Ọjọ́ tí Wasáàpù Tìlẹ̀kùn Mọ́ Àlájà Nímọ́tà

Àtàǹpàkò Àlájà Nímọ́tà ti tẹ àwòrán Wasáàpù mọ́lẹ̀ lójú fóònù, ó sì ń fà á lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ọmọ tó sùn kúrò nínú oòrùn. Garawa kékeré kan wà lókè níbẹ̀, garawa ọlọ́mọrí. Bó ṣe fà á débẹ̀ báyìí, fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yọ síta, ibi méjì tí èèyàn lè tẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àlájà kò mọ̀wé. Ó mọ̀ pé ìbéèrè ni fóònù ń bi òun. Ohun tó ń bèèrè ni kò mọ̀. Ó gbé ìka lọ síbi tó wà lápá ọ̀tún, nítorí ọwọ́ ọ̀tún la fi ń ṣe ohun rere.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́."

Mùtmàínà, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, òun ló sì máa ń gbé oúnjẹ àárọ̀ wá fún ìyá àgbà kó tó lọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ aláriwo. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ yìí gan-an kò ga, àmọ́ ó ti gbé abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀, ó sì ti di ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà mú. Ó gba fóònù náà, ó tẹ apá òsì. Ìbéèrè náà pòórá, Wasáàpù padà sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn àwòrán yòókù. Ìgbà náà ló tó mí kanlẹ̀.

Ó bi ìyá àgbà pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe.

"Mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni," ni Àlájà wí. "Ṣé o ò rí garawa ni? Mo fẹ́ gbé e sínú garawa kí n dé e, kí àpúdéètì tí wọ́n ń sọ má baà rí i pa rẹ́."

Mùtmàínà wo ìyá àgbà, ó wo ẹ̀yìn wọn. Garawa ló tò lọ lẹ́yìn wọn, funfun báláú, gbogbo wọn ló ní ọmọrí. Àtíẹ̀kẹ́ ni Àlájà ń tà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá fi ooru sè títí yóò fi dá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí gàrí tí wọ́n bu omi wọ́n. Àwọn tó ti gbé Àbíjàn rí ló máa ń rà á jù, Èjìgbò sì kún fún wọn. Láti ọjọ́ tí Àlájà ti ń ṣòwò yìí, ohun tó bá fẹ́ kó pẹ́, kó má bàjẹ́, kí eṣinṣin má bà lé e, inú garawa ọlọ́mọrí ló ń gbé e sí. Ta ni yóò bá a wí pé ó rí garawa lójú fóònù tó sì gbà pé iṣẹ́ kan náà ni garawa ń ṣe níbi gbogbo?

"Ìyá àgbà," ni Mùtmàínà wí, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "ti fóònù kì í ṣe garawa oúnjẹ. Garawa ìdọ̀tí ni. Ohun tó ń bi yín ni pé ṣé kí òun yọ Wasáàpù dànù tọ̀un ti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Apá ọ̀tún tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ló túmọ̀ sí."

Àlájà fi ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ̀gbọ́n Àlájà, Wàlíyátù, tí ìyá kan náà bí wọn, ń bọ̀ láti Àbíjàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún, tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àlókò létí títì, ó sì ti ránṣẹ́ pé ó ti tó gẹ́ẹ́, òun ń bọ̀ wálé pátápátá. Ọkọ̀ akérò ló wọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹrù rẹ̀ sì pọ̀. Awakọ̀ kò sì ṣèlérí pé ọkọ̀ yóò dé Èjìgbò. Ó ní bí èrò Èjìgbò kò bá pọ̀, Ìbàdàn lòun yóò já wọn sí. Nítorí náà, àdéhùn àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ni pé ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, Wàlíyátù yóò fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, yóò sì sọ ibi tí wọn yóò já wọn sí bó bá ti gbọ́ ọ. Fábọ̀sẹ̀, onímọ́tò tó máa ń gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, ti ṣetán láti lọ gbé e. Ohùn tó dé kẹ́yìn jẹ́ ti bọ́dà Gánà. Ẹ̀gbọ́n ń rojọ́ nínú rẹ̀ pé obìnrin tó jókòó ti òun ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta.

Nígbà tí Àlájà kírun àsùbá tán, tó ní kóun tẹ Wasáàpù bóyá ohùn mìíràn ti dé, kò rí àwọn ojú tó mọ̀. Ojú fóònù funfun, àwòrán kan ló wà láàárín, ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti ibi aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo tó ṣeé tẹ̀. Ó jáde, ó tún wọlé. Bákan náà. Ó pa fóònù, ó tún tàn án. Bákan náà ni. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìlà lásán, obìnrin kan ń sọ Faransé sí i létí, kò sì dùn bí ohùn ẹni tó ń sọ ìròyìn ayọ̀.

Ó gbé fóònù wá sọ́jà. Kàdíjà tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ìsọ̀ kejì ló wò ó, Kàdíjà ka ìwé mẹ́fà kó tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ní àpúdéètì ni wọ́n ń béèrè. Ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Nímọ́, má tẹ̀ ẹ́ o. Àpúdéètì yẹn ló pa tèmi rẹ́ lọ́jọ́sí. Gbogbo ohùn oníbàárà mi, gbogbo ẹ̀ pátá, ó gbá a lọ bí àgbàrá."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Àmọ́ ejò kò bu Àlájà jẹ. Kàdíjà ló bù jẹ, Àlájà ló wá ń sá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dá a dúró. Bí Wasáàpù yìí bá fọ́, níbo ni yóò ti gbọ́ ohùn Wàlíyátù? Arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ni yóò wà ní gáréèjì Ìbàdàn pẹ̀lú ẹrù, tí yóò máa wo ọ̀nà. Ló bá gbèrò pé kóun kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sínú garawa, kóun tó mọ ohun tó kàn.

Mùtmàínà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó wo nọ́ńbà Wàlíyátù nínú fóònù Àlájà. Kò sí orúkọ lára nọ́ńbà náà. Àwòrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan ló wà níbẹ̀, Mùtmàínà fúnra rẹ̀ ló tò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ra fóònù: ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Wàlíyátù, ẹja fún Kàdíjà, ọkọ̀ fún Fábọ̀sẹ̀, òṣùpá fún ìmáàmù. Ó fi ohùn ránṣẹ́ láti orí Wasáàpù tirẹ̀. Máàkì kan ṣoṣo ló yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn," ló wí. "Bóyá wọn ò ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbi tí wọ́n wà."

"Bó bá tiẹ̀ dé, kò ní gbọ́ ọ," ni Àlájà wí. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣí ohun tí kò bá rí àwòrán mi lára ẹ̀. Wọ́n ti lù ú ní jìbìtì rí lọ́hùn-ún."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù nìyẹn: kí Wasáàpù Àlájà ṣí padà. Mùtmàínà gbé abọ́ ẹ̀kọ sún mọ́ ìyá àgbà pé kí wọ́n máa jẹun. Wọn kò jẹ ẹ́. Ó wá dìde, ó lọ bá Kàdíjà ní ìsọ̀ ẹja, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì ní òun fẹ́ bi wọ́n ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí nǹkan wọn pa rẹ́, ta ló bá wọn ṣe é, báwo ló sì ṣe ṣe é?

Kàdíjà ní ọmọkùnrin kan tó ń gba fóònù sí iná ni. Ọmọ náà sọ fún òun pé ààyè fóònù òun ti kún, pé àpúdéètì kò rọ́nà wọlé. Ó yọ Wasáàpù kúrò, ó tún gbé òmíràn wọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá torí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó béèrè nọ́ńbà òun, òun sọ fún un. Ìgbà tó dá fóònù padà, òfìfo ni.

"Ṣé nǹkan kan bi yín bóyá kí ó dá àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà?"

Kàdíjà ronú. Ó ní nǹkan kan yọ, àmọ́ ọmọ yẹn ní kò ṣe pàtàkì, ó fò ó.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Mùtmàínà wí, ó padà wá. Kò sọ fún Kàdíjà pé kì í ṣe àpúdéètì ló jẹ ohùn oníbàárà rẹ̀. Ó rò pé kò yẹ kóun kó ìbànújẹ́ tuntun bá ẹni tó ti fara mọ́ ti àtijọ́. Àmọ́ Kàdíjà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti tẹ̀lé e wá, ó dúró sẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rùn fún ẹja.

Mùtmàínà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó fi ìka tọ́ka sí ìsọ̀ Àlájà.

"Ẹ jẹ́ ká ní ìsọ̀ yín nìyí. Garawa yín wà nínú ẹ̀, àtíẹ̀kẹ́ yín wà nínú garawa. Àpúdéètì ni kí káfíńtà wá, kó pààrọ̀ páànù, kó gbé ilẹ̀kùn láti ibí yìí lọ sọ́hùn-ún, kó tún kun ún lọ́dà. Garawa yín ò kúrò nílẹ̀. Ìsọ̀ kan náà ni, onílé kan náà ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún Ìyá Ẹlẹ́ja, wọ́n kọ́kọ́ wó ìsọ̀ náà palẹ̀ ni, wọ́n kó ẹrù dànù, wọ́n wá kọ́ tuntun. Nígbà tí ẹni tó kọ́ ọ béèrè pé ṣé kí òun kó ẹrù àtijọ́ padà wọlé, wọ́n ní kò ṣe pàtàkì."

Kàdíjà ní, "Háà." Ó fi kún un pé, "Ọmọkùnrin yẹn. Mo tún fún un ní ẹja lọ́jọ́ náà."

Àlájà ní kí ló dé tí wọ́n fi tìlẹ̀kùn mọ́ òun, òun tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Mùtmàínà ní àwọn tó ṣe é máa ń fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí yóò dópin, bí wọ́n ṣe ń tẹ ọjọ́ sára agolo mílíìkì. Àwọn olè máa ń wá ihò lára ẹ̀dà àtijọ́, àwọn onílé a máa dí ihò náà nínú ẹ̀dà tuntun, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró nínú ilé oníhò. Ó bi ìyá àgbà bóyá nǹkan kan ti ń yọ lókè Wasáàpù láti ọjọ́ mélòó kan. Àlájà ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun kan ń yọ, òun sì ń tì í kúrò bí ẹni ń lé eṣinṣin.

"Ó ti ń kìlọ̀ fún yín nìyẹn."

"Ó yẹ kó fi ẹnu sọ ọ́."

Mùtmàínà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Kí ni yóò wá yí padà?" Àlájà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Má fi pa mọ́ fún mi. Èmi ò mọ̀wé, ibi tí nǹkan bá wà ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, mo ti di afọ́jú nìyẹn."

Ìbéèrè náà wọ ọmọbìnrin náà lára. Ó ṣí Wasáàpù tirẹ̀, tí ó ti gba àpúdéètì tipẹ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fóònù ìyá àgbà. Ó ní wọn yóò rí ìyípadà tó pọ̀ jù lọ níbi àwọn ilẹ̀kùn mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ sí òkè: ti ọ̀rọ̀, ti àwọn àwòrán tí í pa rẹ́ lọ́jọ́ kejì, ti ìpè. Wọ́n ti kó wọn wá sí ìsàlẹ̀, nítòsí àtàǹpàkò. Òmíràn ti kún wọn pẹ̀lú, èyí tó ní àwòrán èèyàn mẹ́ta. Wọn ò ní fi ṣe nǹkan kan. Ìpè ló wà ní ìgbẹ̀yìn lápá ọ̀tún, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nísàlẹ̀. Àwọ̀ ewé náà yóò yàtọ̀ díẹ̀. Orí oníbàárà kọ̀ọ̀kan yóò wà níbi tó wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò ṣì jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí inú fóònù ni nọ́ńbà wà, kì í ṣe inú Wasáàpù. Ibi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ̀rọ̀, tó dà bí ẹnu ẹ̀rọ ìpolongo, kò kúrò ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀.

"Jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ wò," ni Àlájà wí.

Ó gba fóònù Mùtmàínà. Àtàǹpàkò rẹ̀ gbéra lọ sókè lọ́nà tó mọ̀, kò bá nǹkan kan. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wá ìpè, ó rí i. Ó tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Kàdíjà tó tẹ orí wá sáàárín wọn ní kóun náà gbìyànjú, Àlájà ní kó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ ẹja.

Kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, Mùtmàínà ṣe ohun méjì. Ó kọ́kọ́ wo inú ètò fóònù bóyá fóònù náà kò tíì gbó jù, nítorí ó ní Wasáàpù tuntun kì í wọ fóònù tó bá ti dàgbà kọjá ààlà. Èyí ṣì wọlé. Lẹ́yìn náà ló ṣí ibi tí fóònù ń kó fáìlì sí, ó wọ inú àpótí Wasáàpù, ó fi àpótí kan han ìyá àgbà. Ó ní lóru, nígbà tí gbogbo wa bá sùn, Wasáàpù a máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fóònù níbí. Ti òru àná wà níbẹ̀, ọjọ́ sì wà lára rẹ̀. Bí ohunkóhun bá tiẹ̀ ṣe é, ó ní a kò ní wà lọ́wọ́ òfo.

"Òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é? Láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́?"

"Láìbẹ̀ ẹ́, Ìyá àgbà."

Àlájà mi orí. Ó ti ń pe ẹ̀rọ yìí ní ọ̀dàlẹ̀ láti àárọ̀.

Mùtmàínà ra dátà sórí ìlà ìyá àgbà, ó ṣí Pléè Sítọ̀, ó wá Wasáàpù síbẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ àpúdéètì sí. Kò wọlé. Fóònù ní ààyè kò sí.

Àlájà na ọwọ́ láti gba fóònù rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ Kàdíjà ti bàjẹ́ nìyí. Kàdíjà náà mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lé ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"A ò ní yọ nǹkan kan dànù tí ẹ ò bá rí i," ni Mùtmàínà wí. Ó ṣí ibi tí fídíò wà. Kí ló kún ibẹ̀? Òdòdó. Òdòdó tó ń tàn, tó ń yí, tó ń kí ènìyàn kú ọjọ́ Jímọ̀. Ẹyẹlé tó ń fò kọjá mọ́sáláṣí. Ife tíì tó ń rú èéfín. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ọjà ń fi wọ́n ránṣẹ́ síra wọn, fóònù Àlájà sì gbà wọ́n lálejò láti ọdún yìí wá láìlé ẹnìkan jáde.

Àlájà ní ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti pa àdúrà rẹ́?

"Àdúrà ti gbà, Ìyá àgbà. Agolo ẹ̀ ló kù."

Kàdíjà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ìsọ̀ mú. Wọ́n jọ ń pa wọ́n rẹ́, Mùtmàínà ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn, Àlájà ń sọ pé kó lọ tàbí kó dúró. Ó dá ọ̀kan sí, èyí tí ọmọ jòjòló kan ti ń rín. Nígbà tí wọ́n dé àpótí tí àwọn ohùn wà, Mùtmàínà pa á dé láìfọwọ́ kàn án. Ó ní ohùn kì í gba ààyè bíi fídíò, ìyẹn ò sì sí lára ohun tí a fẹ́ yọ.

Ó tún tẹ àpúdéètì. Lọ́tẹ̀ yìí, òrùka kan yọ yí àwòrán Wasáàpù ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kún díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí omi ń gun ìṣà. Àlájà kò gbé ojú kúrò. Oníbàárà kan dé, ó ní òun fẹ́ àtíẹ̀kẹ́. Kàdíjà ló wọ̀n ọ́n fún un, ó sì ní kó má pariwo, iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ lẹ́ẹ̀kan, òrùka dúró gbagidi. Mùtmàínà gbé fóònù sókè, ó rìn lọ síbi tí òrùlé kò gbé dí ọ̀run, ìyá àgbà tẹ̀lé e tìdààmú-tìdààmú, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú bíi ti ẹni tí wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òrùka tún gbéra. Ó kún. Wọ́n dúró díẹ̀ kó fi ìdí múlẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ àpúdéètì sí tẹ́lẹ̀ wá yí padà.

"Ó ní kí ẹ ṣí i."

"Ìwọ ṣí i."

"Tiyín ni, Ìyá àgbà."

Àlájà ní bísímílàhì, ó tẹ̀ ẹ́.

Kò béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Kò béèrè ẹni tó jẹ́. Ó ṣí bí ilẹ̀kùn ilé ẹni. Kàdíjà wà níbẹ̀, ìmáàmù wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà láti ìlú Ọlà àti Ará tò lọ ní ìsàlẹ̀ wọn. Àlájà fi ìka fà wọ́n sókè, ó fà wọ́n sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ń sáré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Bó ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ fò lọ sókè pátápátá, àmì aláwọ̀ ewé kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún yọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà òmíràn.

"Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láti òru," ni Mùtmàínà wí jẹ́jẹ́. "Nígbà tí tiyín tìlẹ̀kùn, kò sọnù. Ó wà lọ́nà, ó ń dúró títí ẹ ó fi ṣílẹ̀kùn."

Àlájà tẹ èyí àkọ́kọ́. Ohùn Wàlíyátù jáde, ó rinlẹ̀, ó dá ṣáká, ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ti kúrò ní Lomé, obìnrin tó ń hanrun yẹn ti sọ̀ kalẹ̀, Ọlọ́run ṣeun, mẹsí bókú, bí wọ́n ti ń dúpẹ́ ní Faransé. Èkejì ní àwọn ti dé Kútọ̀nù, wọ́n ti sọ pé èrò Èjìgbò kò pọ̀, Ìbàdàn ni wọ́n máa já àwọn sí, nírọ̀lẹ́, kí Nímọ́tà sọ fún onímọ́tò. Mùtmàínà kò dúró gbọ́ ẹ̀kẹta. Ó ti ń sáré lọ síbi tí Fábọ̀sẹ̀ gúnlẹ̀ sí, wọ́n sì gbọ́ tí Fábọ̀sẹ̀ ń pariwo pé òun ti wà lọ́nà, òun ti wà lọ́nà, kí wọ́n kàn sọ ọ̀nà tó jẹ́.

Ẹ̀kẹta ló kù. Àlájà tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ẹ̀rín nínú èyí. Ohùn náà lọ sílẹ̀, bí ti ẹni tí kò fẹ́ kí èrò ọkọ̀ gbọ́.

"Nímọ́. Mo sọ̀rọ̀, máàkì kan. Mo tún sọ̀rọ̀, máàkì kan. Láti òru ni mo ti ń wò ó. Ẹni tó jókòó tì mí ní bóyá fóònù ẹ ti kú. Èmi ò sọ fún un pé kì í ṣe fóònù ni mò ń rò. Ọdún wo la ti jọ rí ara wa? Mo wá ń bọ̀ wálé báyìí, ìwọ wá dákẹ́. Nímọ́ mi, dá mi lóhùn. Ohunkóhun tó wù kó o sọ."

Ohùn náà parí. Ariwo ọjà padà wọlé sí i létí.

Àlájà dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń rò pé òun nìkan ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé arúgbó kan wà ní apá kejì, nínú ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà jíjìn, tó ń fi ojú kan náà wo ilẹ̀kùn kan náà, tó sì ń pa ìbẹ̀rù kan náà mọ́ra.

Ó tẹ ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún mọ́lẹ̀, ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó fẹ́ sọ ti garawa, ti Kàdíjà, ti àwọn òdòdó tí wọ́n pa rẹ́, ti Fábọ̀sẹ̀ tó ti gbéra. Kò rí ọ̀kankan sọ. Ó kàn ń mí, ó ń mí, Kàdíjà ń to ẹja lẹ́yìn rẹ̀, akirità kan ń kígbe. Nígbà tó gbé ìka kúrò, ohun tó ti lọ nìyẹn.

Máàkì kan yọ. Ó ń wò ó. Máàkì kejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, méjèèjì di aláwọ̀ ojú ọ̀run.

Èsì dé kí Mùtmàínà tó padà láti ọ̀dọ̀ Fábọ̀sẹ̀. Ohùn kékeré ni, kò ju èémí kan lọ. Wàlíyátù ń rẹ́rìn-ín, ó sì dà bí ẹni pé ó ń sunkún pẹ̀lú.

"Mo gbọ́ ẹ," ló wí.

Àlájà jókòó sórí àpótí. Ó fa abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ tó ti tutù sún mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.